Fídíò Àyíká: Bí Kámẹ́rà Ṣe Ń Yí Ère Inú Kọ̀ǹpútà Ká Láìsí Ojú Ìdàpọ̀

Fídíò àyíká ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà gbẹ́ ère fi máa ń ṣe àfihàn iṣẹ́ tí wọ́n ti parí. Kámẹ́rà á gbéra láti iwájú ère náà, á gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀yìn, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì padà síwájú, bó bá sì ti dé ibi tó ti gbéra, á tún mú ọ̀nà pọ̀n láìdúró. Fídíò náà fúnra rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, síbẹ̀ ẹni tó ń wò ó lè wò ó títí kó má mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni oníbàárà fi ń mọ̀ pé ẹ̀yìn ère pé bí iwájú, pé kò sí ibi tí oníṣẹ́ fi ọgbọ́n bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba irú fídíò bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ère náà. Ojú ìdàpọ̀ ni, ìyẹn ibi tí ìparí fídíò ti ń pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ère bá rọra falẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú bíńtín, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ yí padà lójijì, ibẹ̀ ni ojú òǹwòran á máa lọ ní gbogbo ìgbà tó bá tún yípo. Díẹ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí wà nínú ìrìn kámẹ́rà, díẹ̀ wà nínú iná, díẹ̀ sì wà nínú bí a ṣe kó àwòrán pọ̀ di fídíò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀ àti ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún un.

Blender ni sọ́fítíwíà tí a ó fi ṣàlàyé. Ton Roosendaal, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló dá a sílẹ̀, láti ọdún 2002 sì ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ère tí a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ ni ère ìbejì kan tí wọ́n gbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí agbẹ́gilére ń fi igi gbẹ́. Ère ìbejì yẹ fún iṣẹ́ yìí, torí pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò gbẹ́ ẹ fún iwájú nìkan. Irun orí rẹ̀ ga sókè, a sì gbọ́dọ̀ wò ó láti ẹ̀yìn ká tó mọ bí wọ́n ṣe dì í. Ìlẹ̀kẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká. Apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí itan láìfara kan ara, tí àlàfo sì wà láàárín. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè fi gbogbo èyí hàn.

Ibi tí ère dúró sí àti ibi tí kámẹ́rà wà

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ère dúró sí àárín gbùngbùn ayé Blender, níbi tí ìlà X àti ìlà Y ti pàdé. Orí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ó máa yí. Bí ère bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré yẹ̀ kúrò níbẹ̀, kò ní jọ ohun tó ń yí lójú kan mọ́. Ńṣe ni yóò máa fì sọ́tùn-ún fì sósì nínú fídíò.

Blender ní àṣẹ kan tó ń wá àárín ère fúnra rẹ̀, `Origin to Geometry`, èyí tó wà lábẹ́ `Object` àti `Set Origin`. Ó wúlò, àmọ́ ó lè tan èèyàn jẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń ṣírò gbogbo ojú àmì kéékèèké tí wọ́n fi mọ ère náà, á wá mú ìdajì wọn. Nínú ère ìbejì, orí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù: ojú, imú, ilà ojú, irun dídì. Àmì tó wà níwájú orí lè pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po ju tẹsẹ̀ lọ, àárín tí Blender ṣírò á sì yẹ̀ síwájú. Nítorí náà, ó sàn kí a tẹ nọ́ńbà 7 ní ẹ̀gbẹ́ kíbọọ̀dù, èyí tí yóò jẹ́ ká máa wo ère láti òkè, ká wá fi ojú ara wa sún ìtẹ́lẹ̀ ère náà títí àárín ìtẹ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé. Ìtẹ́lẹ̀ ni ojú òǹwòran fi ń mọ̀ bóyá ère ń yí dáadáa. Òun ló yẹ kó wà láàárín, kì í ṣe ohun tí ìṣirò sọ.

Lẹ́yìn èyí la ó gbé ohun kan sí àárín tí kámẹ́rà yóò dì mọ́. Blender ń pè é ní `Empty`: ó ní ibi tó wà, ó lè yí, ṣùgbọ́n kì í hàn nínú àwòrán. A ó tẹ `Shift+A`, ká yan `Empty`, ká yan `Plain Axes`, ká sì gbé e sí X 0, Y 0, Z 0.125. Mítà 0.125 jẹ́ ìdajì gíga ère wa, torí náà ikùn ère ni `Empty` wà.

Kámẹ́rà ló kàn. Lẹ́ǹsì tí Blender ń bá wa yàn ni mìlímítà 50, àmọ́ 85 ló dára fún ohun kékeré tí a fẹ́ fi hàn bó ṣe rí gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé bí lẹ́ǹsì bá ti kúrú tó ni kámẹ́rà ṣe gbọ́dọ̀ súnmọ́ ère tó kí ère tó kún àwòrán. Bó bá sì ti súnmọ́ ọn jù, ohun tó yọ síwájú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ: imú á wú, etí á fà sẹ́yìn, bí ère bá sì ti ń yí, apá tó kọjú sí wa á máa wú, á tún máa fẹ́ pẹ́lẹ́. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì 85 àti àwòrán onígun mẹ́rin tó dọ́gba, bí kámẹ́rà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 85 sí ère, gíga tí àwòrán ń mú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36. Ère oní-25 á gba nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀, àyè tó mọ́ á sì wà lókè àti nísàlẹ̀.

Blender ka ìhà Y tó dín sí òdo sí iwájú. Bí ère bá ti kọjú síbẹ̀, a ó gbé kámẹ́rà sí X 0, Y -0.85, Z 0.2. Ó fi díẹ̀ ga ju `Empty` lọ, torí náà yóò máa wo ère náà láti òkè díẹ̀, bí ẹni tó dúró ti tábìlì ṣe ń wo ohun tó wà lórí rẹ̀. Kí kámẹ́rà má bàa wo ibòmíràn, a ó fún un ní ìdè kan tó ń jẹ́ `Track To`, ká yan `Empty` gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbọ́dọ̀ máa wò, ká sì rí i pé `-Z` ni ìhà tó fi ń wò, `Y` sì ni òkè rẹ̀. Ní ìkẹyìn, a ó fi máòsì mú kámẹ́rà, ká di `Shift` mú, ká mú `Empty` tẹ̀lé e, ká tẹ `Ctrl+P`, ká yan `Object`. Ètò yìí ṣe pàtàkì: èyí tí a mú kẹ́yìn ni òbí. Láti ìsinsìnyí lọ, bí `Empty` bá yí lójú kan, kámẹ́rà á bá a yí ère ká.

Férémù 120, àmì ní 121

Fídíò kì í ṣe ohun kan tó ń ṣàn. Àwọn àwòrán tó dúró ni wọ́n ń yára tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní férémù. Blender máa ń lo férémù 24 fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí a kò bá yí i padà. Bí a bá fẹ́ kí àyíká kan gba ìṣẹ́jú àáyá 5, férémù 120 la nílò. Ìyípo kan jẹ́ dígírì 360. Bí a bá pín in fún 120, dígírì 3 ni kámẹ́rà ń fi sún láti férémù kan sí èkejì.

Ìwọ̀n yìí tẹ́ ojú lọ́rùn fún ère wa. Ká ní ère náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8: dígírì 3 á mú kí ohun tó wà ní ẹ̀bá ara rẹ̀ sún ní nǹkan bí mìlímítà 2. Nínú àwòrán tó ní píkísẹ́lì 1080 lókè délẹ̀, píkísẹ́lì 6 péré nìyẹn, ojú sì lè tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá ká gbogbo àyíká kan náà kò sí ìṣẹ́jú àáyá 2, ìsún kọ̀ọ̀kan á di dígírì 7.5, á sì lé ní píkísẹ́lì 15. Ilà ojú ère á máa ta pọ́ún láti ibì kan sí ibòmíràn, kò ní ṣeé kà. Ère tí iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú àáyá 8 tàbí 10 pàápàá.

Nísinsìnyí, a ó sọ fún Blender bí `Empty` yóò ṣe yí. A ó lọ sí férémù 1, ká fi 0 sí `Rotation Z` rẹ̀, ká gbé máòsì lé orí àyè náà, ká tẹ lẹ́tà `I`. Blender á fi àmì síbẹ̀, tó ń jẹ́ `Keyframe`, tó túmọ̀ sí pé ní férémù yìí, ibí ni kó wà. Lẹ́yìn náà, a ó lọ sí férémù 121, ká fi 360 sí `Rotation Z`, ká tún tẹ `I`. A ó wá sọ nínú ètò àwòrán pé férémù 120 ni kí fídíò parí sí, kì í ṣe 121.

Férémù kan yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì. Dígírì 360 àti dígírì 0 jẹ́ ibì kan náà. Bí àmì kejì bá wà ní férémù 120, tí fídíò sì parí síbẹ̀, férémù 120 àti férémù 1 á jẹ́ àwòrán kan náà gan-an. Nígbà tí fídíò bá wá ń yípo, àwòrán kan náà á hàn lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ère á sì dúró fún ìdá mẹ́rìnlélógún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó tún gbéra. Àkókò náà kéré, ṣùgbọ́n ojú ń rí i bí ìdákọ̀ kékeré. Bí àmì bá wà ní 121, dígírì 357 ni férémù 120 wà. Èyí tó kàn án ni férémù 1, tó wà ní 0. Ìsún dígírì 3 náà nìyẹn, bíi ti gbogbo àwọn yòókù, ojú ìdàpọ̀ sì pòórá.

Ìrìn tó dọ́gba

Àṣìṣe kejì máa ń jáde bí a bá tẹ bọ́tìnì kí fídíò máa lọ. Kámẹ́rà á rọra gbéra, á sáré nígbà tó bá dé ẹ̀yìn ère, á sì tún rọra dúró. Blender ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ohun tó bá ń rìn nínú ayé kì í ṣàdédé gbéra, kì í sì ṣàdédé dúró, nítorí náà ó ń fún gbogbo ìrìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tó rọ̀. Ìyẹn dára fún ilẹ̀kùn tó ń ṣí tàbí ọwọ́ tó ń jù. Nínú fídíò àyíká, ó máa ń mú kí ìsún àkọ́kọ́ má tó dígírì 1 rárá, kí ti àárín sì lé ní 4. Ní gbogbo ìgbà tí iwájú ère bá padà dé, ère á falẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, á tún gbéra.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ojú ìwé tó ń jẹ́ `Graph Editor`. Níbẹ̀, ìrìn `Empty` hàn bí ìlà kan láti 0 lọ sí 360, ìlà náà sì tẹ̀ bí lẹ́tà S. A ó mú `Empty`, ká tẹ `A` láti mú gbogbo àmì rẹ̀, ká tẹ `T`, ká yan `Linear`. Ìlà náà á nà gbọọrọ. Ìlà tó nà ni ìrìn tó dọ́gba, ibi tó bá sì ti tẹ̀ ni eré ti yí padà. Ẹni tó bá ti mọ èyí lè fi ojú rí àṣìṣe nínú ìlà kí ó tó rí i nínú fídíò.

Ohun kan ṣì kù fún ẹni tó fẹ́ kí ìrìn náà ní ìfàsẹ́yìn díẹ̀ bíi ti kámẹ́rà gidi, èyí tí Blender ń pè ní `Motion Blur`. Láti ṣe é, Blender máa ń wo díẹ̀ ṣáájú férémù kọ̀ọ̀kan àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìrìn kankan ṣáájú férémù 1, torí ibẹ̀ ni àmì àkọ́kọ́ wà. Férémù àkọ́kọ́ á wá ní ìdajì ìfàsẹ́yìn tí àwọn yòókù ní, á mọ́ ju wọn lọ, á sì máa ṣẹ́ bí ojú ní gbogbo ìyípo. Nínú `Graph Editor` kan náà, `Shift+E` àti `Linear Extrapolation` á mú kí ìlà náà máa lọ ní tààrà ṣáájú àmì àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ìṣòro náà á sì parí.

Àwọn kan kì í tilẹ̀ lo àmì rárá. Wọ́n máa ń tẹ ìṣirò yìí tààrà sínú àyè `Rotation Z`:

```
#(frame-1)/120*2*pi
```

Blender á máa ṣírò ibi tí `Empty` wà láti inú nọ́ńbà férémù. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìparí, kò sí ìlà tó lè tẹ̀. `2*pi` ló dúró fún ìyípo kan, torí pé rédíànì ni Blender fi ń ṣírò níbẹ̀ dípò dígírì. Bí a bá fẹ́ kí àyíká gùn sí i, nọ́ńbà 120 nìkan la ó yí padà, níbí àti nínú ètò ìparí fídíò.

Iná gbọ́dọ̀ bá kámẹ́rà rìn

Bí ère kò bá yí, tí kámẹ́rà nìkan ń yí i ká, ẹ̀gbẹ́ kan ère ni iná máa ń mọ́lẹ̀ sí. Bí kámẹ́rà bá dé ẹ̀yìn, ó ti bọ́ sí ìhà òjìji nìyẹn: irun dídì tí oníṣẹ́ fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ́ á di dúdú, òǹwòran kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a dè iná náà mọ́ `Empty` bí a ṣe dè kámẹ́rà mọ́ ọn, pẹ̀lú `Ctrl+P`. Nígbà náà, kámẹ́rà àti iná á jọ máa yí, lójú òǹwòran sì ni yóò dà bíi pé kámẹ́rà àti iná dúró, tí ère wà lórí tábìlì kan tó ń yí.

Ọ̀nà yìí dára fún ère onígi ju iná tó dúró lójú kan lọ, ìdí rẹ̀ sì hàn bí a bá wo imú ère ìbejì. Bí ère bá kọjú sí wa, iná tó wà lókè lápá òsì á fi ìlà títàn tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí igi imú. Bó bá ti ń yí, ìlà náà á rọra yọ̀ kúrò lórí imú, á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, á wọnú ilà ojú lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì sọ fún wa bí ilà kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó. Ìrìn ìmọ́lẹ̀ yìí ni ojú fi ń mọ ìrísí ohun tí a gbẹ́. Bí iná bá dúró ti ère, òjìji ara rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà, ère á sì fẹ́ pẹ́lẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn.

Iná mẹ́ta tó fún ère kékeré: ńlá kan lókè lápá kan iwájú, kékeré kan ní apá kejì láti mú òjìji rọ̀, àti ẹyọ kan lẹ́yìn ère tó ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ sí èjìká àti etí kí ère lè yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó dè mọ́ `Empty`. Ohun tó wà lẹ́yìn ère náà, kí ó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi àwòrán àyíká gidi ṣe ìmọ́lẹ̀, bíi yàrá tàbí ojú ọ̀run, á rí i pé àyíká náà ń sáré kọjá lẹ́yìn ère. Bó bá jẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni a yàn, kí kámẹ́rà dúró, kí a sì dè ère mọ́ `Empty` dípò rẹ̀. Gbogbo ìṣirò férémù àti ìlà tó nà kò ní yí padà.

Ohun yòówù tó bá ń rìn fúnra rẹ̀ nínú àwòrán gbọ́dọ̀ padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín férémù 120. Èéfín, aṣọ tó ń fẹ́, tàbí iná àtùpà tó ń jó kì í padà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì máa fò ní ojú ìdàpọ̀. Fún ère tó dúró, ó sàn kí a yọ wọ́n kúrò.

Àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó di fídíò

Blender lè ya fídíò tààrà, àmọ́ àwọn tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ó ya àwòrán PNG kan fún férémù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kó wọn pọ̀ lẹ́yìn náà. Ká ní férémù kan gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá: 120 á gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20. Bí iná bá lọ nígbà tó dé férémù 90, fáìlì fídíò tí kò tíì parí lè má ṣí rárá, gbogbo iṣẹ́ náà á sì ṣòfò. Àmọ́ bó bá jẹ́ PNG ni, àwòrán 89 ti wà nínú fódà.

Nínú ètò àwòrán, a ó fi 1080 sí `Resolution` X àti Y, ká fi 24 sí `Frame Rate`, ká fi 1 àti 120 sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ká yan PNG, ká sì kọ `//aworan/ere_` sí àyè ibi tí yóò kó wọn sí. Àmì `//` túmọ̀ sí fódà tí iṣẹ́ náà wà. Kí a sì yọ àmì kúrò ní `Overwrite`, kí Blender má bàa tún ya èyí tó ti yà. Bí iná bá wá lọ, tó sì padà dé, a ó kọ́kọ́ pa àwòrán tó kẹ́yìn nínú fódà rẹ́, torí ó lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni Blender kọ kí iná tó lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ `Ctrl+F12`, á sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún ni pé bí férémù kan ṣoṣo bá ní àléébù, ẹyọ kan yẹn la ó tún yà.

Bí a bá ya àwòrán pẹ̀lú `Cycles`, ètò tó ń tẹ̀ lé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, tóótòòtóó kéékèèké lè máa tàn bàì bàì nínú òjìji nígbà tí fídíò bá ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí wọn nínú àwòrán kan tó dúró. Nọ́ńbà `Samples` tó kéré jù ló ń fa èyí. Kí a tó ya gbogbo 120, ó dára kí a ya férémù 10 tó tẹ̀ lé ara wọn láti ìhà tí òjìji pọ̀ sí jù, ká wò wọ́n bí fídíò. Bí òjìji bá ń hó, kí a gbé `Samples` ga sókè.

Láti PNG sí MP4

FFmpeg ni irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń fi kó àwòrán pọ̀ di fídíò. A ó ṣí ojú ìwé àṣẹ kọ̀ǹpútà nínú fódà `aworan`, ká tẹ èyí:

```
ffmpeg -framerate 24 -i ere_%04d.png \
  -c:v libx264 -crf 18 -pix_fmt yuv420p \
  -movflags +faststart ere.mp4
```

Lórí Windows, ìlà kan ṣoṣo ni kí a tẹ gbogbo rẹ̀ sí, láìsí àmì `\`. `%04d` ń sọ pé nọ́ńbà oníhòòrò mẹ́rin ló wà lórúkọ àwòrán, láti 0001. `-framerate 24` gbọ́dọ̀ wà ṣáájú `-i`. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, FFmpeg á lo 25, fídíò oní-ìṣẹ́jú-àáyá 5 á sì di 4.8. `-crf` ni òṣùwọ̀n bó ṣe dára tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó, tí fáìlì sì ń tóbi tó, 18 sì dára fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi han oníbàárà. `-pix_fmt yuv420p` ni kò yẹ kí a fò rárá. Láìsí i, àwọ̀ fídíò á wà ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fóònù àti ẹ̀rọ kò lè kà: ó máa ń lọ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, àmọ́ á dúdú lójú ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. `-movflags +faststart` ń jẹ́ kí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn kí ó tó wọlé tán.

Fáìlì MP4 kò ní àṣẹ kankan nínú tó sọ pé kí ó máa yípo. Ohun tó ń ṣí i ló ń pinnu bóyá yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lórí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà yìí ló ń ṣe é:

```
<video src="ere.mp4" autoplay loop muted playsinline></video>
```

Níbi tí kò bá sí àyè fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, a lè so fídíò náà mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó jáde. Àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú àáyá 20, láìtún àwòrán kankan yà:

```
ffmpeg -stream_loop 3 -i ere.mp4 -c copy ere-gigun.mp4
```

GIF lè máa yípo fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ 256 péré ni àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ lè ní. Lára igi aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń rọra ṣú láti ibi ìmọ́lẹ̀ lọ sí òjìji, àwọ̀ á gé sí abala abala, fáìlì náà á sì tóbi ju MP4 lọ. Kí a lo GIF níbi tí wọn kò bá ti gba ohun mìíràn nìkan.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn

Kí fídíò tó jáde lọ́wọ́, kí a wò ó ní àyípo:

```
ffplay -loop 0 ere.mp4
```

Kí ojú má lọ síbi ère. Ohun kékeré kan ní ẹ̀bá rẹ̀ ni kí a máa tẹ̀ lé, bíi ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan ní ìdí. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá falẹ̀ kí ó tó dé iwájú, ìlà inú `Graph Editor` ṣì tẹ̀. Bó bá dúró gbọn-in lẹ́ẹ̀kan, férémù méjì ló jọra. Kí a ṣí àwòrán 0001 àti 0120 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọn kò bá ní ìyàtọ̀, àmì kejì wà ní 120 dípò 121. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń rìn dáadáa àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ fò, iná kan ló ń yí padà fúnra rẹ̀ tí kò sì padà sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín férémù 120. Bí gbogbo ère bá ń fì, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ni kò sí láàárín.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmì tí wọ́n fi sí 120 ni kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni tún gbogbo iṣẹ́ yà. Ní tirẹ̀, ìsún dọ́gba láti àwòrán kan sí èkejì, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló jọ ti àkọ́kọ́. Kí a pa `ere_0120.png` rẹ́, ká tún àṣẹ FFmpeg àkọ́kọ́ tẹ̀, fídíò náà á sì yípo láìdákọ̀.